Bí a ṣe ń kọ ímeèlì sí olùpèsè tí ínfọ́ìsì rẹ̀ kò tọ̀nà, títí ìwé àtúnṣe yóò fi dé

Ínfọ́ìsì ni ìwé tí olùpèsè fi ń béèrè owó ọjà tó ti kó wá fún wa. Bí iye tó wà lórí rẹ̀ bá ju ohun tí a jọ fẹnu kò sí lọ, fóònù ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ gbé, ẹni tó tajà fún wọn yóò sì dáhùn pé kí wọ́n má ṣèyọnu, òun á bá wọn tún un ṣe. Nígbà tí oṣù bá parí, iye àkọ́kọ́ yẹn náà ni yóò ṣì wà nínú ìwé gbèsè tí ọ́fíìsì akáúńtì olùpèsè fi ránṣẹ́, nítorí pé akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ ìpè náà, kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó lè fi yí iye owó padà. Akọ̀wé yìí gan-an ni ímeèlì wa wà fún. Kò mọ̀ wá rí, kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń dúnàádúrà, ó sì ṣeé ṣe kí ó ní ọgọ́ọ̀rọ̀ ínfọ́ìsì mìíràn níwájú. Bí ó bá lè ka ímeèlì wa lẹ́ẹ̀kan, kí ó rí ibi tí àṣìṣe wà, kí ó rí ẹ̀rí rẹ̀, kí ó sì ṣe ìwé àtúnṣe láìpadà béèrè ohunkóhun, ímeèlì náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a ó máa tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan wà ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, tó ń ra bébà àti tónà lọ́wọ́ olùpèsè kan ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ìtẹ̀wé náà fi ìwé ọ́dà PO-118 ránṣẹ́: páálí bébà A4 ogójì, ní ₦28,000 fún páálí kọ̀ọ̀kan, àti tónà méjìlá ní ₦45,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdéhùn pé owó ọkọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn ti wà nínú iye náà. Olùpèsè fi ímeèlì dáhùn lọ́jọ́ kejì pé òun gbà. Ọjà dé ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Páálí méjì ti tutù, ilé ìtẹ̀wé kò gbà wọ́n, awakọ̀ sì kó wọn padà. Ní ọjọ́ kejì, ínfọ́ìsì INV-2047 wọlé, ohun tó sì wà lórí rẹ̀ nìyí: páálí ogójì ní ₦29,500, tónà méjìlá ní ₦45,000, owó ọkọ̀ ₦15,000, VAT 7.5%. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,865,125, ọjọ́ ìsanwó sì jẹ́ 5 oṣù Kẹfà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ tẹ́ ìwé mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ wá ìwé ọ́dà pẹ̀lú ìdáhùn tí olùpèsè fi gbà á, ẹ wá wébíìlì tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí ọjà dé, kí ẹ sì gbé ínfọ́ìsì sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìwé ọ́dà ló ń sọ iye owó tí a jọ gbà. Wébíìlì ló ń sọ iye ọjà tó wọlé ní ti gidi. Ínfọ́ìsì ló ń sọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi ojú bá lọ, ẹ má fi àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àpapọ̀ lè jọ ohun tí ẹ ń retí nígbà tí àṣìṣe méjì inú rẹ̀ ń bo ara wọn mọ́lẹ̀.

Wébíìlì ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ohun tó máa ń fún wa lágbára ni àkọsílẹ̀ tó wà lórí ẹ̀dà tiwa àti lórí ẹ̀dà tí awakọ̀ mú padà, pẹ̀lú ìbuwọ́lù àwọn méjèèjì: "Páálí 38 la gbà, páálí 2 tutù, a dá wọn padà." Bí ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ bá kàn buwọ́ lù ú láìkọ nǹkan kan, tó wá fi báírò kọ ọ̀rọ̀ páálí tó tutù sórí ẹ̀dà tiwa lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ, olùpèsè yóò gbé ẹ̀dà tirẹ̀ tó mọ́ tónítóní jáde pé ogójì ni a gbà. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró de ínfọ́ìsì. Lọ́jọ́ tí ọjà dé gan-an ni kí ẹ ti kọ ímeèlì kúkúrú sí wọn, kí ẹ fi fọ́tò páálí méjì náà sí i. Fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ náà lágbára púpọ̀ ju èyí tí a yà lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ yẹ ọ̀ràn iye owó náà wò dáadáa kí ẹ tó sọ pé wọ́n fi kún un. Nítorí bí owó ọjà ṣe ń yí padà, àwọn tó ń ta bébà sábà máa ń kọ ọ́ sórí ìwé iye owó wọn pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni iye náà máa fi wà. Bí ẹ bá fi ọ́dà ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ọjọ́ yẹn ti kọjá, tí wọn kò sì fèsì pé àwọn gbà, iye tuntun lè tọ́ sí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá ti kọ̀wé pé owó ti lé kí ọjà tó kúrò ní Ṣómólú, tí ẹ dákẹ́, tí ẹ sì gba ọjà náà. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ímeèlì ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin fi hàn kedere pé wọ́n gba ₦28,000, nítorí náà ẹsẹ̀ wa múlẹ̀.

Ohun mìíràn tí kì í ṣe àṣìṣe ni owó orí tí òfin ní kí ẹni tó ń sanwó yọ kúrò kó tó san án fún olùpèsè. Ọ̀rọ̀ ìsanwó nìyẹn, kò sí nínú ohun tí ínfọ́ìsì yẹ kí ó dín kù, bí ẹ bá sì dà á pọ̀ mọ́ ẹjọ́ yìí, gbogbo ìṣirò yín ni yóò dojú rú lójú ẹni tó ń kà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣe ìṣirò náà lọ́nà tí owó kan kò ní wọlé lẹ́ẹ̀mejì

Níbi tí òǹkà ọjà àti iye owó ẹyọ kan bá ti ṣì nílà kan náà, ìṣirò máa ń tan ènìyàn jẹ. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé wọ́n fi ₦1,500 kún páálí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ogójì páálí jẹ́ ₦60,000. Wọ́n sì béèrè owó páálí méjì tí kò dé ní ₦29,500, ìyẹn ₦59,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦119,000. Irọ́ ni. Páálí méjì tí a kò gbà ti wọ inú ìṣirò nígbà méjì, pẹ̀lú ₦1,500 tiwọn, a sì ti fi ₦3,000 béèrè ju ẹ̀tọ́ wa lọ. Akọ̀wé tó bá rí èyí yóò dá ìwé padà, yóò sì ṣòro fún un láti gbà wá gbọ́ lórí ìyókù.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ yọ páálí méjì tí kò wọlé kúrò pátápátá ní iye tí wọ́n kọ sórí ínfọ́ìsì, kí a wá tún iye owó ṣe lórí méjìdínlógójì tó kù nìkan. Páálí 2 ní ₦29,500 jẹ́ ₦59,000. Páálí 38 tí wọ́n fi ₦1,500 kún jẹ́ ₦57,000. Owó ọkọ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦15,000. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦131,000. Ìgbà náà ni VAT tó kàn: láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020 ni VAT ní Nàìjíríà ti di 7.5%, èyí tó fi jẹ́ pé VAT tí wọ́n gbé lé ₦131,000 yẹn jẹ́ ₦9,825. Gbogbo ìyàtọ̀ wá jẹ́ ₦140,825.

Ẹ má fi ọkàn tán an títí ẹ ó fi gba ọ̀nà kejì dé ibì kan náà. Ẹ ṣírò ínfọ́ìsì bí ì bá ṣe rí ká ní wọ́n kọ ọ́ dáadáa: páálí 38 ní ₦28,000 jẹ́ ₦1,064,000, tónà 12 ní ₦45,000 jẹ́ ₦540,000, méjèèjì jẹ́ ₦1,604,000, VAT rẹ̀ jẹ́ ₦120,300, àpapọ̀ jẹ́ ₦1,724,300. Ẹ yọ èyí kúrò nínú ₦1,865,125, yóò ku ₦140,825. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá pàdé, ibì kan ti yẹ̀ nínú ìṣirò tiyín, ímeèlì kò sì tíì tó fi ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí

Ọ́fíìsì akáúńtì olùpèsè ni ímeèlì náà ń lọ, ní àdírẹ́sì tó wà lórí ínfọ́ìsì wọn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé akáúńtì kì í lè dín iye owó kù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wa dúnàádúrà ló lè jẹ́rìí pé ₦28,000 la sọ àti pé owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ wọn ló sì lè jẹ́rìí pé páálí méjì padà wá. Bí a bá kọ̀wé sí akáúńtì nìkan, ìwé wa yóò jókòó síbẹ̀ títí yóò fi rí àwọn yẹn bi léèrè. Nítorí náà, ẹ fi àdírẹ́sì ẹni tó tajà fún yín sí Cc, kí ẹ sì dárúkọ ipò rẹ̀ nínú ìwé náà kí akọ̀wé lè mọ ẹni tí òun yóò yíjú sí. Ẹ má kó ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wọn sí i nígbà àkọ́kọ́. Ìyẹn jọ ìfẹjọ́sùn, ohun ìjà tó sì yẹ kí ẹ tọ́jú de ìgbà tí wọn kò bá dá yín lóhùn ni ẹ ti lò tán yẹn.

Ìwé tuntun ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tẹ ìdáhùn sórí ímeèlì àtijọ́ tó ní àkọlé mìíràn. Àkọlé ni wọn yóò fi wá a lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí náà nọ́ńbà ínfọ́ìsì ni kó ṣíwájú, kí nọ́ńbà ọ́dà tẹ̀lé e, kí ohun tí ẹ ń béèrè kẹ́yìn:

`INV-2047 / PO-118: ìyàtọ̀ ₦140,825, a ń béèrè ìwé àtúnṣe`

Àkọlé bí "Ọ̀rọ̀ pàtàkì" tàbí "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dáhùn" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún ímeèlì láti kà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ara ìwé náà

Èdè tí ẹ̀yin àti olùpèsè fi ń kọ̀wé síra yín ni kí ẹ lò. Bí a ṣe to ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò níhìn-ín. Ìlà àkọ́kọ́ sọ ohun tí a fẹ́, ìkejì sọ iye tó yẹ kó jẹ́, àlàyé tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹ̀rí lábẹ́ ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí a ń retí ìdáhùn sì gbẹ̀yìn. Ẹ má fa tábìlì sínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ń ka ímeèlì lórí fóònù, àwọn ìlà tábìlì a sì máa wọ inú ara wọn níbẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí, bí ilé ìtẹ̀wé ṣe fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún:

> Sí Ọ́fíìsì Akáúńtì,
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o. A gba ínfọ́ìsì yín INV-2047 ti ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,865,125. Iye yìí kò bá ọ́dà wa PO-118 àti wébíìlì ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún mu. Ní ìṣirò tiwa, iye tó yẹ kó jẹ́ ni ₦1,724,300. A ń fẹ́ kí ẹ fi ìwé àtúnṣe fún ìyàtọ̀ ₦140,825 ránṣẹ́ sí wa.
>
> Ibi mẹ́ta ni ìyàtọ̀ náà wà:
>
> 1. Òǹkà páálí bébà A4. Ínfọ́ìsì kọ 40, wébíìlì fi hàn pé 38 la gbà, tí awakọ̀ yín sì kó 2 tó tutù padà (ìwé 2 tí a so mọ́ ọn). Ìyàtọ̀: 2 × ₦29,500 = ₦59,000.
>
> 2. Iye owó páálí kan. Ínfọ́ìsì kọ ₦29,500, iye tí ẹ fi ímeèlì gbà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ni ₦28,000 (ìwé 1). Ìyàtọ̀ lórí páálí tí a gbà: 38 × ₦1,500 = ₦57,000.
>
> 3. Owó ọkọ̀ ₦15,000. Àdéhùn inú ìwé 1 ni pé owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn ti wà nínú iye ọjà.
>
> Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦131,000. VAT 7.5% lórí rẹ̀ jẹ́ ₦9,825. Gbogbo ìyàtọ̀ jẹ́ ₦140,825. A kò ní àtakò kankan sí ìlà tónà.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ìwé ìdín-gbèsè iye yìí tó dárúkọ INV-2047, tàbí kí ẹ fagi lé INV-2047, kí ẹ sì fún wa ní ínfọ́ìsì tuntun tó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Inú wa yóò dùn bí a bá rí i gbà kí ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún tó kọjá, kí a lè sanwó ní ọjọ́ tó yẹ, ìyẹn 5 oṣù Kẹfà. Ẹni tó ń bójú tó ọjà títà lọ́dọ̀ yín, tó bá wa ṣe àdéhùn iye owó náà, wà lára àwọn tí a fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí.
>
> Bí ohun kan bá wà nínú ìṣirò yìí tí kò bá àkọsílẹ̀ yín mu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ nọ́ńbà ẹ̀sùn tó kàn, kí ẹ sì fi ìwé tiyín hàn wá.
>
> Ẹ ṣeun.
> Akọ̀wé owó, fún ilé ìtẹ̀wé

Ẹ wo bí kò ṣe sí "ẹ rẹ́ wa jẹ" tàbí "èyí ti di àṣà yín" nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé a ń bẹ̀rù wọn. Bí a bá fẹ̀sùn jìbìtì kan wọ́n, ọ̀rọ̀ náà yóò kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé tó lè tún un ṣe lọ́jọ́ kan, yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbèjà ilé iṣẹ́ wọn. Gbólóhùn tó sọ pé a kò ta ko ìlà tónà wúlò ju bó ṣe rí lọ: ó fi hàn pé gbogbo ìwé la kà, ó sì fi mọ ọ̀rọ̀ náà sí ibi tó wà.

Ìwé mẹ́ta la ó so mọ́ ọn, kí orúkọ kọ̀ọ̀kan sì bá nọ́ńbà tó wà nínú àlàyé mu: `1-PO-118-ati-idahun.pdf`, `2-waybill-5-May-2025.pdf`, `3-INV-2047.pdf`. Fọ́tò wébíìlì tí a fi fóònù yà níbi tí iná kò tó, tí ojú ìwé sì ká kò, kì í ṣeé kà. Ẹ tún un yà sí PDF níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, kí ẹ sì ṣí i wò fúnra yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́, pàápàá ibi ìbuwọ́lù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tán, kò burú bí ẹ bá fi Wáńtsáàpù sọ fún ẹni tó tajà fún yín pé ìwé ti wọlé. Kí ó má ṣe ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn lórí Wáńtsáàpù pé "a ti gbà," ẹ tún un kọ sórí ímeèlì kan náà pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ẹ sì béèrè ìwé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: irú ìwé àtúnṣe tó yẹ kí ẹ gbà

Ọ̀nà méjì ló wà, ímeèlì wa sì fún wọn láyè láti yan èyí tó bá ìwé owó tiwọn mu. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìdín-gbèsè, èyí tí àwọn akáúńtì máa ń pè ní kírẹ́dítì nóòtù: ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ dúró bó ṣe wà, ìwé kejì sì yọ ₦131,000 àti VAT ₦9,825 kúrò lára rẹ̀. Èyí ni wọ́n sábà máa ń yàn bí wọ́n bá ti ti ìwé oṣù náà, nítorí wọn kò lè nu ohun tó ti wọ inú ìwé owó wọn. Ìkejì ni kí wọ́n fagi lé èyí tó ṣì, kí wọ́n sì kọ òmíràn. Ó rọrùn láti kà fún wa, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀: bí wọ́n bá kọ tuntun tí wọ́n sì gbàgbé láti pa ti àtijọ́ rẹ́, ìwé gbèsè ìparí oṣù yóò kó méjèèjì pọ̀, yóò sì dà bíi pé a jẹ wọ́n ní ₦3,589,425. Nítorí náà, bí wọ́n bá yan ọ̀nà kejì, ẹ gba ìwé tó pa INV-2047 rẹ́ pẹ̀lú tuntun náà.

Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà ni ínfọ́ìsì tí wọ́n tún tẹ̀, tó ní nọ́ńbà INV-2047 kan náà àti ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n tí iye rẹ̀ yàtọ̀. Ìwé méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan yóò wà káàkiri nígbà náà, kò sì sí ẹni tó máa mọ èyí tí wọ́n fi san VAT fún ìjọba. Ẹ má sì ṣe fi báírò ge iye orí ínfọ́ìsì fúnra yín, kí ẹ wá san ohun tó kù. Nínú ìwé tiwọn, ₦140,825 náà ṣì jẹ́ gbèsè. Nínú ìwé tiyín, kò sí ohun tó ti ìnáwó yín lẹ́yìn bí ayẹ̀wéwò bá dé.

Nígbà tí ọjọ́ ìsanwó bá ń bọ̀ tí ìwé kò tíì dé

Ohun tí mo máa ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú ni pé kí wọ́n san apá tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ní ọjọ́ tó yẹ, ìyẹn ₦1,724,300 nínú àpẹẹrẹ yìí. Ẹni tó bá di gbogbo owó mú nítorí ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ ló fún olùpèsè ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò, wọ́n sì lè dá ọjà tó kàn dúró. Ṣùgbọ́n kí owó tó kúrò ní báńkì, ẹ kọ ọ́ sórí ímeèlì kan náà pé owó yìí wà fún INV-2047 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, pé ₦140,825 tó kù ṣì wà lábẹ́ àríyànjiyàn, àti pé sísan tí ẹ san èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ gba ìyókù. Ẹ kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì síbi tí a ti ń kọ ìdí owó lórí ìwé ìfowóránṣẹ́ báńkì. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì akáúńtì yóò fi owó náà san gbèsè tó pẹ́ jù lọ lórúkọ yín, INV-2047 yóò sì wà níbẹ̀ bíi pé ẹ kò san kọ́bọ̀.

Ìgbà kan wà tí mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni san ohunkóhun ṣáájú: bí àṣìṣe bá wà lára orúkọ ẹni tó rajà, tàbí nọ́ńbà owó orí olùpèsè, tàbí bí ínfọ́ìsì náà kò bá jẹ́ ti ọjà wa rárá. Níbẹ̀, kò sí apá kankan tó mọ́ nínú ìwé náà.

Bí ọjọ́ 15 bá kọjá láìsí ìdáhùn, orí ímeèlì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti tẹ ìdáhùn, kí gbogbo ẹ̀rí lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà méjì ti tó: "A kọ̀wé yìí ní ọjọ́ 8, a kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀sùn kan wà tí ẹ kò gbà, tàbí ìwé àtúnṣe ló ń bọ̀ lọ́nà?" Ìbéèrè yìí dára ju "ẹ rántí wa" lọ nítorí pé ó fún wọn ní ohun kan láti dáhùn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá tún kọjá, ìgbà yẹn ni ọ̀gá tó ń bójú tó akáúńtì wọn wọ Cc.

Wọ́n lè gba apá kan kí wọ́n sì kọ apá kan, bíi kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ páálí méjì àti owó ọkọ̀, kí wọ́n sì ní ₦29,500 ni iye tuntun. Ẹ gba ìwé àtúnṣe fún ohun tí wọ́n gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dúró de ìyókù. ₦59,000 àti ₦15,000 jẹ́ ₦74,000, VAT rẹ̀ jẹ́ ₦5,550, ìwé ìdín-gbèsè tí ẹ máa kọ́kọ́ gbà sì jẹ́ ₦79,550. Ohun tó kù, ₦57,000 àti VAT ₦4,275 lórí rẹ̀, ni ẹ̀yin àti ẹni tó tajà fún yín yóò jókòó sọ, pẹ̀lú ímeèlì ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin níwájú yín.

Nígbà tí ìwé àtúnṣe bá dé

Ẹ kà á bí ẹ ṣe ka àkọ́kọ́. Àwọn ibi tó sábà máa ń ṣì níbẹ̀ kò pọ̀: wọ́n lè dín iye ọjà kù kí wọ́n gbàgbé VAT rẹ̀, kí ìwé ìdín-gbèsè wá jẹ́ ₦131,000 péré, wọ́n lè gbàgbé láti dárúkọ INV-2047, wọ́n sì lè kọ ọjọ́ tuntun sórí ínfọ́ìsì tuntun, èyí tó máa sún ọjọ́ ìsanwó síwájú. Ìkẹta yìí ń ṣe yín lóore ni, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé béèrè ọjọ́ ìsanwó tó dúró, nítorí kọ̀ǹpútà wọn lè ṣì máa ka ọjọ́ láti 6 oṣù Karùn-ún.

Ibi tó yẹ kí ẹ fojú sí jù lọ ni nọ́ńbà akáúńtì báńkì. Àwọn oníjìbìtì tó bá ti wọ inú ímeèlì ilé iṣẹ́ kan máa ń dúró de irú àkókò yìí gan-an, nígbà tí ẹni tó rajà ń retí ìwé tuntun lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí wọ́n lè fi ínfọ́ìsì tó jọ ti gidi ránṣẹ́, tí gbogbo ìṣirò rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n tí báńkì rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n lè lo àdírẹ́sì tí lẹ́tà kan péré yàtọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbé INV-2047 àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí ẹ ka nọ́ńbà akáúńtì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ má tẹ ìdáhùn sórí ímeèlì náà, ẹ má sì pe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé tuntun. Nọ́ńbà tí ẹ ti fi ń pè wọ́n tipẹ́tipẹ́ ni kí ẹ pè, kí ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ mọ ohùn rẹ̀ sì jọ ka nọ́ńbà akáúńtì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí owó tó kúrò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ẹ dáhùn lórí ímeèlì kan náà pé ẹ ti gba ìwé náà àti pé ọ̀rọ̀ INV-2047 ti parí ní ₦1,724,300. Ẹ so ìwé ọ́dà, wébíìlì, ínfọ́ìsì àkọ́kọ́, ìwé àtúnṣe àti ẹ̀rí ìsanwó pọ̀ sínú fáìlì kan. Nígbà tí ìwé gbèsè oṣù Karùn-ún àti ti oṣù Kẹfà bá dé, ẹ wá ìlà ₦140,825 níbẹ̀. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà ìwé ìdín-gbèsè dáhùn, ẹ kò ní nílò àlàyé mìíràn.